Àwòrán Òkè fún Má-sọ̀kalẹ̀

“Onítéèpù, ṣé ẹ lè ya òkè fún mi, kí n rí i kí n tó dé ìdí rẹ̀?”

Ìbéèrè tí ọkùnrin kan bi mí nìyẹn, ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀bù atúnkẹ̀kẹ́ṣe, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà rẹ̀ mú bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan. Iṣẹ́ aránṣọ, tí wọ́n torí rẹ̀ ń pè mí ní Onítéèpù, ni mo fi ogójì ọdún ṣe kí n tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ náà sì ti kọ́ mi pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá yá ju téèpù rẹ̀ lọ, aṣọ aláṣọ ló máa bà jẹ́. Mo ní kó jókòó ná.

Yàrá náà kò tóbi. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àga méjì, fèrèsé kan tó dojú kọ ògiri aládùúgbò, àti àwọn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi táyà iwájú so rọ̀ láti òkè àjà bí ẹran ní ìsọ̀ alápatà. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló ń rùn fún epo ṣéènì, títí kan ìwé àkọsílẹ̀ mi. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń la ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ tó ń jáde láràárọ̀ Sátidé. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ló ra kọ̀ǹpútà náà, kò mọ̀ ọ́n lò, èmi sì máa ń wá bá a rán awọ ìjókòó kẹ̀kẹ́ tó bá ya. Bí mo bá rán tán, màá tẹ bọ́tìnnì kan wò, màá kọ ohun tó ṣe sínú ìwé. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ó wá di pé èmi ni wọ́n ń béèrè.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ọkùnrin yìí ládùúgbò wa. Onílẹ́tà ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ onírin kan fún un, kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà, tí àpò awọ rọ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n sì ní kó máa pín lẹ́tà láti ìlú dé abúlé méje. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gun ọ̀nà yẹn, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, àlọ àti àbọ̀. Ibi tí òkè bá ti le, àwọn onílẹ́tà yòókù a sọ̀kalẹ̀, wọn a máa ti kẹ̀kẹ́ wọn. Òun kì í sọ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé a máa sá tẹ̀lé e, wọn a máa kígbe pé, “Má sọ̀kalẹ̀! Má sọ̀kalẹ̀!” Bí orúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ títí obìnrin náà fi kú. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́.

Nígbà tó wá bá mi, ọmọ ọdún méjìlélàádọ́rin ni. Orúnkún òsì rẹ̀ ti jẹ tán. Àwọn dókítà ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa gé e kúrò tí wọ́n máa fi irin rọ́pò rẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó fẹ́ gun ọ̀nà lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọjọ́ náà tó pé, láti ẹnu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́ dé ilé tó kẹ́yìn ní abúlé keje, láìsọ̀kalẹ̀.

Mo sọ fún un pé àwọn ènìyàn ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, àwa náà ní méjì nínú ẹgbẹ́. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

“Mo gbọ́. Àmọ́ orúnkún tí wọ́n máa fún mi yẹn kò mọ ọ̀nà. Èyí tó mọ̀ ọ́n ni mo fẹ́ fi lọ.”

Mo tan kọ̀ǹpútà.

Ohun tó gbé e wá sọ́dọ̀ mi gan-an ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé. Ọmọ náà kò kọ̀ jálẹ̀. Ó bi dókítà, dókítà sì ní orúnkún náà lè wa kẹ̀kẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún wákàtí mélòó kan, ṣùgbọ́n òkè tó bá ga ju mítà márùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún mítà, kò gbọdọ̀ gùn ún rárá. Ọmọ wá ní bí bàbá òun bá lè fi hàn òun nínú ìwé pé kò sí irú òkè bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, òun yóò jẹ́ kó lọ. Bí kò bá lè fi hàn, kó jókòó sílé. Ìdí nìyẹn tó fi ń wá ẹni tó máa ya òkè.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Máàpù máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà. Wàá tẹ ibi tí o ti fẹ́ gbéra, wàá tẹ ibòmíràn níwájú, ìlà yóò sì tọ ojú ọ̀nà láti ọ̀kan dé èkejì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó wù ú ló ń gbà, nítorí náà bí ọ̀nà méjì bá wà, ó yẹ kí o tẹ àárín èyí tí o fẹ́ kó má baà yà. Nísàlẹ̀ máàpù, àwòrán mìíràn máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ bí ìlà ṣe ń gùn. Ìyẹn ni àwòrán òkè: bí a ṣe ń lọ sí ọ̀tún ni jíjìn, bí a ṣe ń lọ sókè ni gíga. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà yóò bẹ̀rù, nítorí wọ́n há ọ̀pọ̀ kìlómítà mọ́ ibi tí kò ju ìbú ọwọ́ méjì lọ, gbogbo gegele kékeré wá dà bí ògiri. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni ká máa wò, ká fi ojú fo àwòrán.

Mo ń tẹ̀, ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀. N kò tíì rí ẹni tí a bá la ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń béèrè ibi tí omi wà àti ibi tí ajá wà. Ibi tí mo bá fi ìka lé, òun ló ń sọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ fún mi. Ní ìkóríta àkọ́kọ́, obìnrin kan wà tó máa ń gbé ife omi kan lé orí òpó géètì fún un, ọdún mọ́kànlá, kò sì fìgbà kan rí ojú obìnrin náà ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ní abúlé kejì, olùkọ́ kan ń retí ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí kì í kọ̀wé. Ìgbà tó sú òun onílẹ́tà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú ọ̀nà ẹ̀yìn kí olùkọ́ má baà rí i kó dìde lásán. Ní abúlé kẹrin, bàbá kan tí kò mọ̀wé kà máa ń ní kó ka lẹ́tà ọmọ òun fún òun lórí ìdúró, ó sì mọ ìgbà tó bá fo ìlà kan.

“Báwo ló ṣe ń mọ̀?” Mo bi í.

“Ó ní ohùn mi máa ń sáré níbẹ̀.”

Títí a fi dé abúlé keje, ilẹ̀ ti ń ṣú bọ̀. Kìlómítà méjìdínlógójì. Ọ̀nà náà rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ: òkè kékeré mẹ́rin, kò sí èyí tó kọjá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ìparí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà tó gùn, àmọ́ ó ń sọ̀ kalẹ̀ ni, bíréèkì ló fẹ́, kò fẹ́ orúnkún. Ohun kan péré ló burú. Ní kìlómítà kẹtàlélógún, láàárín abúlé kẹrin àti ìkarùn-ún, ìlà náà ya lulẹ̀ bí eyín ajá, ó sì tún ta sókè lójú kan náà. Pupa fòò ni wọ́n kùn ún. Mítà mọ́kànlélógún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọkùnrin náà ti lọ sílé nígbà yẹn, ọmọ rẹ̀ ti wá fi ọkọ̀ gbé e. Mo gbìyànjú láti gba ibòmíràn yí i ká. Ọ̀nà tó yí i ká fi kìlómítà mẹ́tàdínlógún kún un. Mo tẹ ọ̀nà méjèèjì sórí bébà, mo fi pẹ́ńsùlù kọ gbogbo iye sí etí wọn, èmi fúnra mi ló gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì fún ọmọ rẹ̀, nítorí mo ti ṣèlérí fún un pé n kò ní fi nǹkan kan pa mọ́. Mo rò pé iṣẹ́ tó mọ́ ni mo ṣe. Àṣìṣe tó tóbi jù tí mo ṣe nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, ó sì jẹ́ irú àṣìṣe tí èmi aránṣọ yẹ kí n mọ̀: mo gé aṣọ láìpe aláṣọ kó wá wọ̀ ọ́ wò.

Nọ́ọ̀sì náà gbé bébà sórí tábìlì ibi tí wọ́n ti ń to oògùn. Ó fi ìka tọ́ ọ láti òpin kan dé èkejì, ó dé ibi pupa, ìka dúró.

“Ìyá, ẹ má bínú sí mi,” ó ní. “Èmi ni mò ń gbé e dìde láràárọ̀. Mọ́kànlélógún ni ẹ kọ síbí. Márùn-ún ni wọ́n ní. Èyí tó gùn yẹn náà, kò ṣe é gbọ́ sétí.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ká bébà náà dáadáa, ó fi sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo jáde, mo sì ń gbọ́ ìró bàtà mi nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà wọlé sí ṣọ́ọ̀bù. Kò kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe. Ó ti mú bébà mi dání, ó tẹ́ ẹ síwájú mi, ó fi èékánná rẹ̀ gún ibi pupa.

“Kí lèyí?”

Mo ní òkè ni. Mo ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, tó sọ̀ tó sì tún gòkè.

“Onítéèpù, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò sí òkè níbẹ̀.”

Mo sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀, pé láti ojú ọ̀run ni wọ́n ti wọn gbogbo ayé. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ fún àgbà tó ti ń gbàgbé nǹkan. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, yọjú láti iwájú, ó ní bóyá ńṣe ni wọ́n kọ́ òkè náà lẹ́yìn tí Bàbá fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà wá ń sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: pé ibi yẹn ni òun ti máa ń ṣí fìlà, tí òun ń tì í sínú àpò lẹ́tà, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ti iwájú wá, kì í ti ẹ̀yìn wá, láti ìsàlẹ̀ ló ti ń wá. Táyà máa ń yí ohùn padà lábẹ́ òun níbẹ̀. Bí òun bá wo ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn àwọn ẹyẹ ni òun ń rí.

Mo gbọ́ “ẹ̀yìn àwọn ẹyẹ.” Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Mo yí máàpù sí àwòrán tí wọ́n yà láti òkè, mo fà á sún mọ́ ojú mi títí mo fi rí i: àfonífojì tó jìn, odò tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀, àti ojú ọ̀nà tó gba orí rẹ̀ kọjá gbọnrangandan bí téèpù tí a nà láti èjìká dé èjìká, òjìji rẹ̀ sì wà lórí omi. Afárá ni. Igba mítà ó lé ogójì ni gígùn rẹ̀. Àwọn tó wọn ayé láti òkè, ilẹ̀ ni wọ́n wọ̀n. Wọn kò ka ohun tí ènìyàn mọ sórí ilẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, níbi tí ọ̀nà ti gba orí afárá, kọ̀ǹpútà mi rò pé ńṣe ni kẹ̀kẹ́ ń ya lọ sísàlẹ̀ odò tó sì ń pọ́n ògiri àfonífojì jáde ní òdìkejì.

Mo dìde lórí àga. Mo kúnlẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ọdún méje jù mí lọ. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí.”

“Ẹ dìde,” ó ní. “Orúnkún kan ṣoṣo tó bàjẹ́ ti tó wa.”

Ohun èlò kan wà nínú ètò kọ̀ǹpútà náà tí mo ti kọ sínú ìwé láìlò ó rí, fún afárá àti ihò abẹ́ òkè. Wàá fi àmì sí ìbẹ̀rẹ̀ afárá, wàá fi àmì sí òpin rẹ̀, yóò sì na gíga láti àmì kan dé èkejì bí okùn. Mo lò ó. Eyín ajá náà pòórá. Àwòrán náà wá dà bí ẹ̀yìn màlúù tó sùn.

Mo tún lọ bá nọ́ọ̀sì. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá rẹ̀ tẹ̀lé mi. Ọmọ náà wo bébà tuntun, ó gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó béèrè ẹni tó mú pupa kúrò. Mo ní èmi ni. Ó béèrè ohun tí mo fi mú un kúrò. Mo ní ọwọ́ mi ni.

“Ìyá, ẹni tó lè fi ọwọ́ mú òkè kúrò, kí ló kù tí kò lè mú kúrò?”

Bàbá rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, mo dì í lápá. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ní ohun kan nínú tó ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó. Bí a bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́, ó sì ń fi ìyẹn mọ gíga níbi tí kẹ̀kẹ́ wà gan-an, ìbáà jẹ́ orí ilẹ̀ tàbí orí irin. Mo bẹ atúnkẹ̀kẹ́ṣe pé kó gbé ti ẹgbẹ́ dání, kó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá lórí afárá náà ní àlọ àti àbọ̀. Ó ráhùn pé èmi ni mo jẹ̀bi, òun ni wọ́n ń rán síṣẹ́ ọ̀nà jíjìn. Ó lọ. Nígbà tó dé, ó ti fi eruku kun ojú, ó ní, “Màámi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: kò sí òkè, afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé mi lọ, mo rí ẹ̀yìn ẹyẹ.” Mo so nǹkan náà mọ́ wáyà, mo sì tẹ ohun tó kọ sórí bébà. Láti etí kan afárá dé èkejì, mítà kan péré ló fi gòkè.

Nọ́ọ̀sì ka bébà kẹta yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi mí bóyá mo ti fi ọwọ́ kan ibì kankan nínú rẹ̀. Mo ní rárá. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀, ó ní, “Èmi náà máa wa ọkọ̀ tẹ̀ lé yín, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ lórí ìyẹn.” Bàbá rẹ̀ kò ro ẹjọ́ kankan.

Ó ku gbígbé ọ̀nà náà sínú kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Irú fáìlì méjì ló wà. Ọ̀kan kò ju ibi tí a ti ń yà lọ. Ó máa sọ fún kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ pé dé ibí, dé ibí, kí òun fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà láàárín wọn. Èkejì kó gbogbo ojú ọ̀nà jọ ní ẹyọ-ẹyọ, mítà díẹ̀ sí ara wọn, pẹ̀lú gíga ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mi ló kánjú. Èyí àkọ́kọ́ ni mo mú. Mo gbé e wọ inú àpò fáìlì tuntun nínú rẹ̀, mo yọ wáyà, mo tàn án, ó sì fi orúkọ ọ̀nà náà hàn mí dáadáa. Ó kù díẹ̀ kí n pa á. Mo ní kí n ka iye rẹ̀. Kìlómítà mẹ́tàlélógójì. Tèmi jẹ́ méjìdínlógójì. Ó ti gba ojú ọ̀nà tuntun níbi tí àwọn ọkọ̀ akóyanrìn ń sáré, ó sì ti fi abúlé kẹrin sílẹ̀ pátápátá. Mo pa á rẹ́. Mo mú fáìlì kejì, mo tún gbé e wọlé, mo fi ìka tọ ìlà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lójú gíláàsì kékeré yẹn. Méjìdínlógójì. Afárá náà tẹ́jú. Ìgbà náà ni mo tó lọ sílé.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ló gbéra. Kẹ̀kẹ́ ìgbàlódé kan tó fúyẹ́ ni atúnkẹ̀kẹ́ṣe yá a. Ó ń ṣàlàyé jíà fún un, ọkùnrin náà sì bi í kí ni òun fẹ́ fi jíà mọ́kànlá ṣe nígbà tó jẹ́ ẹsẹ̀ méjì ni òun ní. Síbẹ̀ ó kọ́ ọ. Èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì nínú ọkọ̀, a ń tẹ̀ lé e bí ẹni ń sin ìyàwó.

N kò lè sọ gbogbo rẹ̀. Ó gba ìkóríta àkọ́kọ́ kọjá. Òpó géètì yẹn ṣì wà, kò sí ife lórí rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ sókè sí i. Ní abúlé kejì, ó gba ojú ọ̀nà ẹ̀yìn, bí mo ṣe yà á fún un. Ní àwọn òkè kékeré, a ń wo orúnkún òsì rẹ̀ láti inú ọkọ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Ó ń yí, ó ń yí. Ní kìlómítà kẹtàlélógún ó fi ọwọ́ kan ṣí fìlà rẹ̀, ó tì í sínú àyà ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì wọ orí afárá. Ọmọ rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ láti fèrèsé ọkọ̀. Ó ní ìyá òun ti sọ ibí yìí fún òun rí, òun rò pé àlọ́ ni.

Wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ló gbà á. Ó fi bíréèkì sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìkẹyìn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dé ilé tó kẹ́yìn ní abúlé keje, ó lu aago kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe máa ń lù ú nígbà iṣẹ́. Wọ́n ti ti ilé náà pa. Koríko ti bo ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Ó dúró níbẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ kan lórí pẹ́dà, ọwọ́ lára ògiri, kò sọ̀. Ọmọ rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀, kò pè é. A fi í sílẹ̀ títí ó fi tó o.

Nígbà tó ṣe, ó yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ dán.

“Onítéèpù, ẹ ti fún mi ní àlọ. Onílẹ́tà kì í sun abúlé keje. Ẹ jẹ mí ní àbọ̀.”

Mo ní mo gbà. Ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ la gbé kẹ̀kẹ́ sí lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì ó ti jókòó lórí àga kejì nínú yàrá mi kí n tó dé. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n gé orúnkún náà. Yíyí ọ̀nà padà kò gba ju títẹ ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, àwòrán òkè yí padà bí ìwé tí a ṣí sí òdì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó fi bíréèkì sọ̀ lánàá sì wá dúró síwájú rẹ̀ ní kìlómítà àkọ́kọ́. Mítà mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, ó lé ní kìlómítà kan. Kò sí odò lábẹ́ rẹ̀. Kò sí òjìji. Mo fa àwòrán náà sún mọ́ ojú, mo wò ó títí, ilẹ̀ ni.

Òun náà rí i. Ó kúkú mọ̀ ọ́n, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi pọ́n ọn ní ọ̀sán. Ó sún àga mọ́ mi, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé atúnkẹ̀kẹ́ṣe kò sí nítòsí.

“Nǹkan tí ẹ fi na afárá yẹn. Ẹ fi àmì kan síbí, kí ẹ fi ìkan sí ọ̀hún. Ọmọ mi ti gbà yín gbọ́ báyìí. Kò ní béèrè mọ́.”

Ọwọ́ mi wà lórí máúsì. Àmì méjì péré ni. N kì í ṣe ẹni tó ń purọ́ pé n kò rò ó: mo rò ó. Mo rò ó nítorí ojú rẹ̀ àná.

“Ẹ̀gbọ́n,” mo ní, “afárá wà níbẹ̀ kí n tó yà á. Bí mo bá tẹ́ èyí lórí bébà, ẹ̀yin lẹ máa bá a lójú ọ̀nà.”

Ó wò mí, ó wo àwòrán náà. Ó dé fìlà rẹ̀. Ó ní, “Ẹ wá ọ̀nà mìíràn fún mi nígbà náà. Ẹ ti gbà pé ẹ jẹ mí.”

Mo wá a ní gbogbo ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, n kò rí i. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì yọrí sí rere. Orúnkún tuntun ń gbé e dé ọgbà, ó ń gbé e lọ sí ilé ìtajà lórí kẹ̀kẹ́, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Dókítà kò tíì mú òfin mítà márùn-ún kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ní ọdún mẹ́rin yìí mo ti la ọ̀nà mẹ́sàn-án láti abúlé keje padà sí ìlú. Èyí tó rẹlẹ̀ máa ń gùn jù fún un, èyí tó kúrú máa ń ga jù. Èyí tó dára jù nínú wọn jẹ́ kìlómítà mọ́kànlélọ́gọ́ta, òkè rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún.

Ó máa ń pè mí lórí fóònù níparí oṣù. Kì í kí mi púpọ̀. Ó máa ń béèrè pé, “Ṣé ó ti rẹlẹ̀?” Màá ní, “Kò tíì rẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n.” Yóò ní ó dáa, pé òun kò kánjú, pé kí n ṣá má gbàgbé pé mo jẹ òun. N kò gbàgbé. Mo ṣì jẹ ẹ́.